Bí mo ṣe yanjú ìbéèrè bíárìn kan lórí kalikulétọ̀, àti àwọn ibi tó ti lè yọ̀ ni lẹ́sẹ̀

Ìbéèrè tí mo yanjú nìyí. Ọkọ̀ ojú omi kan gbéra ní A, ó rin kìlómítà 7 ní bíárìn 065° dé B. Ó yí ojú padà ní B, ó tún rin kìlómítà 10 ní bíárìn 140° dé C. Báwo ni C ṣe jìnnà sí A tó, kí sì ni bíárìn C láti A? Ẹni tó bá ti jókòó ṣe ìdánwò WAEC tàbí NECO mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa. Kalikulétọ̀ tí mo lò ni Casio fx-991ES PLUS, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kan fx-82MS àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn náà.

Àwòrán ni mo kọ́kọ́ yà. Bí A bá rí B ní 065°, B máa rí A ní 065 + 180, ìyẹn 245°. Mo yọ 140 kúrò nínú 245, ó ku 105, nítorí náà igun B nínú onígun mẹ́ta náà jẹ́ 105°. Ó ju 90 lọ. Ẹ̀gbẹ́ AC tó kọjú sí i ló máa gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ 90 gan-an ni, AC ì bá jẹ́ rúùtù 149, tó jẹ́ nǹkan bíi 12.2. Níwọ̀n bó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, AC gbọ́dọ̀ ju 12.2 lọ, kò sì lè tó 17, torí 17 ni àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí n tó tẹ bọ́tìnnì kankan.

Òfin kósáìnì ló kàn, mo sì tẹ̀ ẹ́ báyìí:

```
√(7² + 10² − 2×7×10×cos(105))
```

Ojú kalikulétọ̀ gbé 13.61009428 jáde. Ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn, torí pé lẹ́tà D kékeré ló wà lókè ojú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé dígírì ló ń kà.

Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ yí i sí rédíànì, mo tún tẹ ohun kan náà. Ohun tó gbé jáde ni 13.51792. Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé bí kalikulétọ̀ bá wà ní rédíànì, ìdáhùn burúkú ló máa yọ, ẹni tó bá lójú á sì rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. 13.52 ju 12.2 lọ, kò sì tó 17, kò sí ohun tó jọ àṣìṣe lára rẹ̀ rárá. Ìdí ni pé kósáìnì 105 dígírì jẹ́ −0.2588, kósáìnì 105 rédíànì sì ṣèèṣì jẹ́ −0.2410. Rédíànì 1 jẹ́ nǹkan bíi dígírì 57.3, nítorí náà rédíànì 105 ti yí òbìrí po ju ìgbà mẹ́rìndínlógún lọ kó tó dúró, ibi tó sì wá dúró sí kò jìnnà sí iye tí à ń wá. Kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀ ju pé wọ́n bá ara wọn pàdé lọ́nà.

Ipò kẹta, Gra, burú ju ìyẹn lọ torí pé a kì í rántí pé ó wà. Níbẹ̀, 100 ni wọ́n pín igun tó dúró ṣánṣán sí dípò 90. Ìbéèrè wa fún mi ní 12.64849 lábẹ́ rẹ̀, òun náà sì ju 12.2 lọ. Ìdáhùn mẹ́ta lójú ẹ̀rọ kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì bá àwòrán mu.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbára lé pé ìdáhùn jọ òótọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń tẹ sin 30, lẹ́yìn náà =. Bí 0.5 bá yọ, dígírì ni. Bí −0.988 bá yọ, rédíànì ni. Bí 0.454 bá yọ, Gra ni. Ìdánwò yìí dára ju wíwo lẹ́tà lókè lọ, torí pé D, R àti G kéré gan-an, àti pé lórí kalikulétọ̀ àtijọ́ ojú rẹ̀ lè ti ṣú. Láti yí ipò padà lórí fx-991ES PLUS, tẹ SHIFT, MODE, kí o sì yan 3 fún Deg, 4 fún Rad tàbí 5 fún Gra. Lórí fx-82MS, tẹ MODE lẹ́ẹ̀mejì títí Deg, Rad àti Gra á fi yọ, kí o wá tẹ 1. Kalikulétọ̀ tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló yẹ kí a fura sí jù. Ẹni tó fi ṣe ìṣirò kálíkúlọ́ọ̀sì lánàá ti yí i sí rédíànì, bí a bá sì pa á tí a tún tàn án, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Ó kù bíárìn. Mo nílò igun A. Lábẹ́ òfin sáìnì, sáìnì A jẹ́ 10 × sin 105 ÷ AC. Mi ò tẹ 13.61. Mo dá kalikulétọ̀ padà sí dígírì, mo tún ìṣirò àkọ́kọ́ tẹ̀ kí ìdáhùn rẹ̀ lè wà nínú Ans, mo sì fi pamọ́ sí ibi ìpamọ́ A nínú kalikulétọ̀ pẹ̀lú SHIFT, RCL, (−), torí pé mo tún máa lò ó níwájú. Mo wá tẹ èyí:

```
10×sin(105)÷A
```

0.7097128 ló yọ. Ẹ ṣọ́ àkámọ́ tó pa sáìnì dé. Kalikulétọ̀ ES máa ń ṣí àkámọ́ fúnra rẹ̀ bí a bá ti tẹ sin, kì í sì í pa á dé. Bí mo bá tẹ 105÷A láì pa á dé lẹ́yìn 105, sáìnì 7.71 dígírì ló máa wá, kì í ṣe sáìnì 105, ìdáhùn á sì jẹ́ 1.342. Àṣìṣe yìí dára ní ti tirẹ̀, torí kò lè fara pamọ́: sáìnì kankan kì í ju 1 lọ, bí a bá sì mú un lọ sí sin⁻¹, Math ERROR ló máa kọ.

Láti inú 0.7097 padà sí igun, SHIFT, sin ni mo tẹ̀, kí ojú kalikulétọ̀ kọ sin⁻¹( sílẹ̀, mo sì tẹ Ans lé e: 45.21. Bọ́tìnnì x⁻¹ wà nítòsí, àmì −1 rẹ̀ sì jọ ti sin⁻¹. Iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. x⁻¹ ń fi nọ́ńbà pín 1 ni, nígbà tí sin⁻¹ ń béèrè pé igun wo ló ní sáìnì yìí. Ẹni tó bá tẹ sin(0.7097), tó sì fi x⁻¹ lé e, máa rí 80.73. Nọ́ńbà yìí jọ igun gidi, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ kò le: mo máa ń tẹ sáìnì ìdáhùn padà. sin 45.21 fún mi ní 0.7097, sin 80.73 sì fún mi ní 0.987, tí kò bá ohun tí mo mú wọlé mu.

Àyẹ̀wò yìí náà ní ibi tó mọ. Sáìnì 45.21 àti sáìnì 134.79 jẹ́ ọ̀kan náà, sin⁻¹ kì í sì í fún ni ní igun tó ju 90 lọ láé. Níbí, B ti gba 105 tẹ́lẹ̀, igun tó ju 90 lọ kò sì lè jẹ́ méjì nínú onígun mẹ́ta kan, nítorí náà 45.21 ló tọ́. Ká ní B gan-an ni mo fi sin⁻¹ wá, 75 ni kalikulétọ̀ ì bá fún mi, kì bá sì sọ nǹkan kan nípa 105. Bí igun bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, cos⁻¹ ni kí a fi wá a. (49 + 100 − A²) ÷ 140 jẹ́ −0.2588, cos⁻¹ rẹ̀ sì jẹ́ 105 láì ṣe àríyànjiyàn.

Bíárìn C láti A wá jẹ́ 65 + 45.21, ìyẹn 110.21°. Bí wọ́n bá ní kí a kọ ọ́ sí dígírì tó sún mọ́ ọn jù, 110° ni.

Ibí gan-an ni gígé nọ́ńbà kúrú láìtọ́jọ́ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo tún apá kejì ṣe bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ AC sí 14 torí pé ìbéèrè ní kí a kọ ọ́ sí kìlómítà tó sún mọ́ ọn jù, tó sì mú 14 yẹn lọ wá igun, máa rí 43.63, bíárìn rẹ̀ á sì jẹ́ 109°. Ẹni tó bá fi AC sí 13.6, tó sì gé sáìnì 105 sí 0.97, máa rí 0.7132. Igun rẹ̀ jẹ́ 45.4988. Ó kọ ọ́ sí 45.5, ó fi 65 kún un, ó rí 110.5, ó sì kọ 111°. Ẹni tó bá gé 0.7097 sí 0.7, 109° lòun náà máa kọ. Ìlànà wọn pé, nọ́ńbà ni wọ́n gé kó tó yẹ. Wọ́n lè kọ 14 sílẹ̀ fún ìdáhùn àkọ́kọ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú A ni kí wọ́n fi tẹ̀ síwájú. Casio ń fi nọ́ńbà 10 hàn, ó sì ń gbé 15 nínú.

Ibi tí gígé ti ń dun ni jù ni ìtòsí 90 dígírì fún sáìnì, torí pé níbẹ̀ sáìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà mọ́ bí igun ṣe ń pọ̀ sí i. Sáìnì 85 jẹ́ 0.9962. Gé e sí 0.996, igun di 84.87. Gé e sí ipò méjì lẹ́yìn ààmì, 1.00 ló dà, igun sì ti fò sí 90. Dígírì márùn-ún ti lọ nínú nọ́ńbà tó yí padà láìtó 0.004.

Mo tún wá igun C pẹ̀lú sin⁻¹(7 × sin(105) ÷ A), ó fún mi ní 29.79. 45.21 + 105 + 29.79 jẹ́ 180. Ní rédíànì, igun A ì bá ti jẹ́ −0.801, torí pé sáìnì 105 rédíànì ní àmì ìyọkúrò níwájú. Ibẹ̀ ni 13.52 tó fara pamọ́ ì bá ti tú.

Ẹni tó bá ń ṣe é lórí Excel kò ní bọ́tìnnì Deg kankan láti tẹ̀. Rédíànì ni COS rẹ̀ ń kà nígbà gbogbo, bó bá sì fi COS(105) lásán sínú ìṣirò wa, 13.518 kan náà tí a rí lẹ́ẹ̀kan ló máa fún un. Ohun tó tọ́ láti kọ sí B1 àti B2 nìyí:

```
=SQRT(7^2+10^2-2*7*10*COS(RADIANS(105)))
=65+DEGREES(ASIN(10*SIN(RADIANS(105))/B1))
```

B1 á kọ 13.61, B2 á sì kọ 110.21. Bí a bá gbàgbé DEGREES, 65.79 ló máa kọ, ìyẹn bí ẹni pé C fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀nà B gan-an.