Bí mo ṣe tún ìpolówó iṣẹ́ káṣíà kan kọ

“A ń wá ọ̀dọ́ tó já fáfá, tí ara rẹ̀ yá gágá, tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ wàhálà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ ọ. Bí ẹbí la ṣe ń ṣe níbí. Owó oṣù jọjú.”

Ìpolówó tí màmá kan tó ni súpámákẹ́ẹ̀tì ní Bódìjà, n'Íbàdàn, gbé fún mi láti tún ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá kà á kò lè mọ̀ pé káṣíà ni wọ́n ń wá.

Mi ò tíì kọ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi màmá pé: “Kí lẹ rí tí ẹ fi kọ eléyìí, mà?” Ìdáhùn wọn ni iṣẹ́ gan-an. “Lábẹ́ wàhálà” túmọ̀ sí pé láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n á fi tìlẹ̀kùn, káṣíà kan ṣoṣo ló máa ń wà ní káńtà, pàápàá ní ìparí oṣù tí èrò máa ń pọ̀. “Já fáfá” túmọ̀ sí pé bí ọjà bá dé, káṣíà náà á bá wọn kó páálí wọlé. “Bí ẹbí” ló le jù: kò sí aago tí wọ́n ń lọ sílé.

Mo wá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà fún odidi ọjọ́ kan, mo ń kọ aago sílẹ̀. Aago 6 ni wọ́n tìlẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago 6:40 ni káṣíà tó kúrò, nítorí ó ní láti ka owó inú dúrọ́ọ̀, kó sì fi wé ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ìṣẹ́jú 40 yìí kò sí nínú ìpolówó kankan tí mo tíì rí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni. Láti aago 8 àárọ̀ sí 6:40, tí a bá yọ wákàtí kan ìsinmi, ó jẹ́ wákàtí 58 lọ́sẹ̀ ọlọ́jọ́ 6.

Níbi ohun tí a ń béèrè, màmá fẹ́ ẹni tó ní OND. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan iṣẹ́ tó nílò rẹ̀ nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀. Wọn ò rí kankan. Ohun tí káṣíà nílò ni kó lè ṣírò ṣéńjì, kó lo ẹ̀rọ píọ́ẹ̀sì, kó sì mọ̀ pé alẹ́ẹ̀tì orí fóònù oníbàárà kò tó ẹ̀rí: ó gbọ́dọ̀ rí owó náà nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù kó tó jẹ́ kí ọjà jáde. Béèrè ohun tó ju èyí lọ, wàá lé ẹni tó lè ṣe é sẹ́yìn.

Ibi tí a ti jiyàn jù ni owó tó bá dín nínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí wọ́n bá kà á. Àṣà wọn ni láti yọ ọ́ nínú owó oṣù, wọn kì í sì í sọ ọ́ títí ọjọ́ ìsanwó. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti kàn máa yọ owó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, ìjọba ní òṣìṣẹ́ àbójútó iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Màmá gbà láti fi àṣà náà sílẹ̀, káṣíà àti alábòójútó á sì jọ máa ka owó.

Àkọ́kọ́ tí mo kọ kò dára. Níbi owó oṣù, mo kọ “₦75,000 sí ₦90,000”. Iye tó ga ni gbogbo olùwáṣẹ́ máa ń rí, bó bá sì gbọ́ èyí tó kéré, á rò pé a ti tan òun. Iye tí wọn yóò san gan-an ni mo fi síbẹ̀. Èyí ló jáde:

“A ń wá káṣíà kan fún súpámákẹ́ẹ̀tì ní Bódìjà. Iṣẹ́: gbígba owó, ṣíṣírò ṣéńjì, lílo píọ́ẹ̀sì, kíka owó lálẹ́ pẹ̀lú alábòójútó. Bí ọjà bá dé, wàá bá wa kó páálí wọlé. Láti aago 4 ìrọ̀lẹ́, ìwọ nìkan ni wàá wà ní káńtà. Aago 8 àárọ̀ sí 6:40 ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta, ìsinmi wákàtí kan lójúmọ́. A kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Owó oṣù ₦75,000, a ń san án lọ́jọ́ 28. Bí owó inú dúrọ́ọ̀ bá dín, a kì í yọ ọ́ nínú owó oṣù. A kò béèrè OND. A ó fún ọ ní ọjà 20 láti ṣírò níwájú wa.”