Bí mo ṣe fi rúlà wọn ìgbì ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù

Fólítì 4000 ni olùkọ́ wa ní kí n fi mú ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù sáré nínú túùbù gíláàsì kan. Kí n ṣírò gígùn ìgbì wọn, λ, kí n sì wọn òrùka tí wọ́n bá yọ lójú gíláàsì, kí n wò ó bóyá méjèèjì bára mu.

Mo ṣi ìṣirò náà lákọ̀ọ́kọ́. λ = hc/E ni mo lò, mo sì rí 0.31 nm. Nọ́ḿbà yẹn kò mú ìfura kankan wá, àfi ìgbà tí mo fẹ́ fi wá igun. Gíráfáìtì ni ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù náà ń gbà kọjá, àlàfo méjì, d, láàárín ìpele átọ́ọ̀mù rẹ̀ ló sì ń bí òrùka méjì: 0.213 nm àti 0.123 nm. Nígbà tí mo fi èyí tó kéré sínú λ = 2d sin θ, sin θ di 1.26. Kò sí igun tí sáìnì rẹ̀ ju 1 lọ, síbẹ̀ òrùka méjèèjì ń tàn níwájú mi.

Ìmọ́lẹ̀ ni hc/E wà fún. Ohun tí de Broglie, onímọ̀ físíìsì ará Faransé, sọ ní 1924 ni λ = h/p, tí p jẹ́ ìwúwo ní ìlọ́po eré, ohun tó bá sì wúwo bí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, p rẹ̀ jẹ́ √(2meV), tí eré rẹ̀ kò bá tíì sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Ní fólítì 4000, p jẹ́ 3.42 × 10⁻²³ kg m/s. Mo fi pín h, mo rí 0.0194 nm, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún èyí tí mo kọ́kọ́ rí.

Ó wá ku wíwọ̀n. Òrùka náà nípọn, etí rẹ̀ kò sì mú, nítorí náà mo wọn etí inú, mo wọn etí òde, mo sì mú àárín méjèèjì. Fífẹ̀ òrùka kékeré, D, jẹ́ 25 mm. Láti gíráfáìtì dé ojú gíláàsì, L, jẹ́ 135 mm. Igun náà kéré, nítorí náà λ = dD/2L tó lò: 0.213 × 25 ÷ 270, tí í ṣe 0.0197 nm. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìdajì mílímítà péré lójú rúlà ti tó láti fa ìyẹn.

Ohun tó dá mi lójú jù ni ìgbà tí mo dín fólítì kù sí 2500. Òrùka náà tóbi sí i. Bí òfin ìmọ́lẹ̀ bá ló ń darí rẹ̀, ó yẹ kó fẹ̀ ní ìlọ́po 1.6, kó di 40 mm. Bí ti de Broglie bá ni, √1.6 ni ìlọ́po náà, ìyẹn nǹkan bí 31.6 mm. Mo wọ̀n ọ́n: 31.5 mm. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé d àti L kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fún mi ní àlàfo gíráfáìtì tí kò tọ́, ìlọ́po náà kò ní yí padà.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọrùn túùbù náà. Òrùka méjèèjì jọ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì padà sáyè wọn nígbà tí mo gbé e kúrò. Ìmọ́lẹ̀ kì í yà fún mágínẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀.