Àkékúrú Ìpàdé: Má Fi Ìrántí Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Àṣìṣe tí àwa akọ̀wé ń ṣe jù ni pé a ó ka àkékúrú náà láti òkè délẹ̀, a ó mi orí, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí a sọ nìyẹn. A ò tíì yẹ nǹkan kan wò. Ìrántí wa là ń kà, ìrántí sì máa ń gba ohunkóhun tó bá ti jọ òótọ́ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ní ìlà 42 nínú àkọsílẹ̀ kíkún, akápò sọ pé: "Àwọn báńkì ní àwọn lè yá wa ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, tí a bá kọ́kọ́ san gbèsè tó wà nílẹ̀." Àkékúrú wá gbé e báyìí: "Akápò ṣèlérí ₦600,000 kí oṣù Kejìlá tó parí."

Báńkì ló sọ̀rọ̀, akápò kàn jíṣẹ́ ni. "Lè" ti di ìlérí, gbèsè tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ san ti pòórá. Oṣù Kejìlá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ti owó yẹn ló ń dùn mí jù, torí ó rọrùn láti ṣì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni 500, ẹgbẹ̀ta ni 600. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń kánjú, ó lè gbé iwájú ọ̀rọ̀ náà mì. Bákan náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, 700, àti ẹgbẹ̀rin, 800. Má ṣe fi ojú lásán wo nọ́ńbà. Pè é síta, kí o fi wé ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí kò bá dá ọ lójú síbẹ̀, padà sí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, torí ẹni tó tẹ àkọsílẹ̀ náà lè ti gbọ́ ọ ṣì.

Ṣọ́ra fún "wọ́n ní" pẹ̀lú. Àgbà kan ṣoṣo ni "wọ́n", ogún èèyàn náà ni "wọ́n". Má ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láìwò ó. Ka ìlà mélòó kan sókè títí wàá fi rí ẹni tí wọ́n dárúkọ.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀ kíkún, wọ́n á máa wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ wọ inú àkékúrú. Ohun tí a gbàgbé nìyẹn máa ń fi hàn. Kì í fi ohun tí a fi kún un hàn. Inú àkékúrú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ, iye, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ bíi "pinnu" tàbí "ṣèlérí", kí o sì kọ nọ́ńbà ìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní ìlà, pa á rẹ́, bó ti wù kó dà bíi pé o rántí rẹ̀ tó.