Bí mo ṣe tọrọ àyè fún ìparí Ràmàdáánì àti Ìtùnú Ààwẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa

Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo sì wà nílé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn. Bí Ìjọba Àpapọ̀ bá kéde ọlidé, báńkì á tì, ilé ẹ̀kọ́ á tì, àmọ́ wọ́ọ̀dù tiwa kì í tì. Torí náà, orí rósítà ni ọ̀rọ̀ ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù ni Mátírọ́ọ̀nù máa ń kọ rósítà oṣù tó ń bọ̀. Tó bá ti lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni tó bá fẹ́ àyè á kàn máa bẹ èèyàn kiri ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò ààwẹ̀ 2025 láti àárín oṣù Kejì.

Mo kọ́kọ́ jókòó ro ohun tí mo nílò gan-an. Iṣẹ́ àárọ̀ wa ń lọ láti ago mẹ́jọ sí méjì ọ̀sán, ti ọ̀sán títí di mẹ́jọ alẹ́, ti òru títí di mẹ́jọ òwúrọ̀. Ní oṣù Kẹta, nǹkan bí ago méje alẹ́ ku díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, ibi iṣẹ́ ni ìṣínu á ti bá a, kó sì tó délé, wọ́n á ti kírun àṣámù tan. Iṣẹ́ òru rọ alááwẹ̀ lọ́rùn ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ: á ṣínu nílé, á jẹ sààrì ní wọ́ọ̀dù, á wá sùn lọ́sàn-án. Àmọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀, òru gan-an ni olówó iyebíye, torí inú rẹ̀ la ti ń wá Láílátúl-Kádírì, òru tó lọ́lá jù lọ nínú ọdún. Mo wá pinnu pé n kò ní tọrọ ìsinmi oṣù kan. Ohun tí mo máa sọ ni pé kí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ òru tó pọ̀ ní ogún ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má fún mi níkankan ní mẹ́wàá ìkẹyìn, kí n sì ráyè fún ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ kejì rẹ̀.

Déètì ló wá le. Oṣù ojú ọ̀run là ń tẹ̀ lé, ọjọ́ 29 tàbí 30 ló sì ń jẹ́. Bí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọdún lè bọ́ sí ọjọ́ 30 tàbí 31. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 2 ló bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ 31 tàbí ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ìyẹn sì ti wọ inú rósítà mìíràn. Mo rántí 2024 dáadáa. Ìjọba ti fi ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kẹrin ṣe ọlidé, oṣù kò sì yọ, ọdún bọ́ sí ọjọ́ 10, ìjọba wá fi ọjọ́ 11 kún un. Ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù wa tó ti tọrọ ọjọ́ 9 nìkan fi ọ́ọ̀fù rẹ̀ gbààwẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ló sì wà nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń lọ sí Yídì.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò ní mọ̀ àfi bí a bá sọ fún un. Òru ló ń ṣíwájú ọ̀sán nínú ìṣirò tiwa. Bí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, alẹ́ ọjọ́ 20 ni òru kọkànlélógún bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá kọ ọ́ pé “láti ọjọ́ 21”, wọ́n lè fi í sẹ́nu iṣẹ́ òru ọjọ́ 20, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Kí n tó kọ lẹ́tà, àwa Mùsùlùmí mẹ́rin tó wà ní wọ́ọ̀dù jọ sọ̀rọ̀. Bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tọrọ ọjọ́ kan náà, kò sí bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe lè gbà. Ìrun Yídì kò gbà ju òwúrọ̀ lọ, nítorí náà ẹni tílé rẹ̀ sún mọ́ ilé ìwòsàn gbà láti wọlé iṣẹ́ ní ago méjì ọ̀sán, ẹlòmíràn gba òru. Ọ̀dọ̀ ìyá mi n'Ísẹ́yìn ni èmi ń lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi nílò odidi ọjọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ẹni tó máa dúró fún mi. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ Áńgílíkà. Ó ní, “Tó bá jẹ́ ọjọ́ 31, mo wà fún ọ. Àmọ́ Sọ́ńdè ọjọ́ 30 yẹn, Sọ́ńdè àwọn ìyá ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mi ò lè wá.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe òru Gúúdù Fúráídè àti ti Sọ́ńdè Àjíǹde.” Ọjọ́ 18 àti 20 oṣù Kẹrin ni. Ní ti ọjọ́ 30, ọmọ ìjọ Adìfẹ́ńtíìsì kan ni mo bá. Sátidé ni wọ́n ń sìn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa bá a gba Sátidé. Ó fún mi ní Sọ́ńdè, mo fún un ní Sátidé méjì nínú oṣù Kẹrin. Inú mi dùn sí èyí jù, torí pé ohun tí kálukú wa nílò kò bá ti ẹnì kejì forí gbárí rárá.

Lẹ́tà mi kò gùn. Mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní òru púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, kí ẹ sì yọ mí kúrò nínú òru láti alẹ́ ọjọ́ 20. Bí ọdún bá bọ́ sí ọjọ́ 30, mo ń tọrọ ọjọ́ 30 àti 31. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ 31, mo ń tọrọ ọjọ́ 31 àti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 1, ọjọ́ 1 àti 2.” Abẹ́ déètì kọ̀ọ̀kan ni mo kọ orúkọ ẹni tó máa dúró sí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo mú un lọ fún wọn fúnra mi lẹ́yìn tí wọ́n ti yípo wọ́ọ̀dù tán, mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Mátírọ́ọ̀nù kà á, wọ́n ní, “Òru ọjọ́ 22 ò ní ẹni. Wàá ṣe é?” Mo gbà. Àwọn yòókù dúró bí mo ṣe kọ ọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, mo padà lọ bá wọn láti sọ pé ọjọ́ 30 tàbí 31 ló kù báyìí, wọ́n sì fi bírò pa ìyókù rẹ́.

Alẹ́ Sátidé ọjọ́ 29 ni Sultan Ṣókótó kéde pé oṣù ti yọ. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: “Ọ̀la ni o.” Ọmọ Adìfẹ́ńtíìsì yẹn dé wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, Àǹtí gba Mọ́ńdè, èmi sì wà ní Yídì n'Ísẹ́yìn.

Ti Iléyá rọrùn ju èyí lọ, torí ọjọ́ kẹwàá oṣù ló ń bọ́ sí. Bí oṣù bá ti yọ, déètì kan ṣoṣo ló kù. Ní 2025, oṣù ti yọ ṣáájú òpin oṣù Karùn-ún, nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù ń kọ rósítà oṣù Kẹfà lọ́wọ́, a sì ti mọ̀ pé Fráídè ọjọ́ 6 ni. Ìlà kan péré ni lẹ́tà mi gbà.