Bí àwòrán aṣọ bá pòórá lórí fóònù
Ẹ̀yin aláṣọ, bí àwòrán ọjà yín bá pòórá lórí fóònù, ẹ má tíì tún un yà. Ẹ ṣí Google Photos, ẹ wọ Trash tàbí Bin, ẹ tẹ àwòrán náà mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ Restore. Báyìí ni aládìrẹ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ṣe rí tirẹ̀ gbà padà nígbà tí oníbàárà ń bi í bóyá àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni kí òun rà fún ìkómọ tàbí oníko, tí ọmọ aládìrẹ náà sì ti pa gbogbo àwòrán méjèèjì rẹ́ níbi tí ó ti ń wá àyè fún fídíò. Ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì ń wà níbẹ̀ fún 60 ọjọ́ bí ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ sórí àkáǹtì Google yín, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ Empty trash, Restore kò ní rí i mọ́.