Bí mo ṣe parí ìjà olùkọ́ méjì lórí ìṣirò ìdá

Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ló sọ ọ́ lójú gbogbo olùkọ́ pé àwọn ọmọ tó ti kíláàsì kẹrin bọ̀ ò mọ ìṣirò ìdá rárá. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí àti lẹ́nu iṣẹ́, ò fèsì. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ èkejì, ọmọ ilé-ìwé ló máa ń rán. Ìyẹn ló mú mi dá sí i.

Mo pe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: kí lẹ fojú rí tàbí tẹ́ ẹ fetí gbọ́, kí lẹ sì fẹ́ kó yí padà? Ẹni tínú ń bí kì í pẹ́ sọ pé "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn". Mo ní kí wọ́n mú ẹyọ kan wá. Àbúrò ní kí n wo ìwé ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ mẹ́nu ba ìṣirò. Ó ní, "Ṣé ojú gbogbo ènìyàn ló yẹ kó ti sọ ọ́ ni, sà?" Ẹjọ́ méjì ló wà ńlẹ̀, ti ìdá àti ti ìwọ̀sí.

Mo tẹ́ ìwé ìdánwò kíláàsì méjèèjì sórí tábìlì pẹ̀lú ìlànà ẹ̀kọ́. Ní kẹrin, àwọn ọmọ gba 2/7 + 3/7 dáadáa. Ní karùn-ún, wọ́n pàdé 1/2 + 1/3, ọ̀pọ̀ sì kọ 2/5: wọ́n ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wa, ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fi ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síra sí. Ẹ̀gbọ́n ti kọ́ wọn débi tí wọ́n ní kó kọ́ wọn dé, àbúrò náà ò sì purọ́.

Nígbà tí mo wá pe àwọn méjèèjì pọ̀, ìwé ni mo jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àbúrò yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni tiyín parí sí." Mo ní ibi tó ti sọ ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó ti sọ èyí náà, ó sì gbà. Àwọn ọ̀gá kan ì bá ti fún wọn ní kúẹ̀rì. Lójú tèmi, kúẹ̀rì ò lè kọ́ ọmọ kankan ní ìdá. Ká ní wọ́n lu ara wọn ni, tàbí wọ́n bú ara wọn lójú àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ì bá kúrò ní ti ìlàjà.

A kọ àdéhùn kékeré: àbúrò á ṣe ìdánwò ráńpẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, yóò sì kọ́kọ́ fi èsì rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń gbé ìwé ni mo ń ṣọ́. Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì karùn-ún, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, bóyá àwòrán ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìdá ni àbí nọ́ńbà. Ìyẹn, mi ò dá sí i.