Bí a ṣe yanjú àlàfo ìyísódì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra fún ìdánwò èdè Yorùbá máa ń fi «kò» dí gbogbo àlàfo tó bá ti jọ ti ìyísódì, nítorí pé kì í ka ohun tó wà lẹ́yìn àlàfo kí ó tó yan ìdáhùn. Mo ní kí ó máa kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú «Èmi ___ ni mo fọ́ àwo náà», «ni» ló tẹ̀ lé àlàfo, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà «kọ́» nìkan ló lè wọlé.

Èyí tó le jù ni «Àdùkẹ́ ___ jẹ ẹ̀wà», nítorí pé gírámà gba «kò», ó sì gba «kì í». Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló ń dá ẹjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ «Láti kékeré ló ti kórìíra rẹ̀», ìṣe àtìgbàdégbà ni, «kì í» ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ «Kí ó tó dé, àwọn àbúrò rẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán», ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni, «kò» ló tọ́. Ní tèmi, bí ìdáhùn méjì bá ṣì bá a mu lẹ́yìn tí a ka ìpínrọ̀ náà tán, olùṣètò ìdánwò ló jẹ̀bi.